Ọgbọ́n Ni A Ń Tọrọ, Kì í Ṣe Ọgbọ̀n

Wọ́n ní kí n kọ bí a ṣe rí orin àdúrà tí a máa ń kọ ní àárọ̀ Ọjọ́bọ̀, nítorí àwọn ọmọ ọdún kìíní tó ṣẹ̀ṣẹ̀ wọ ẹgbẹ́ rò pé orin àtijọ́ ni, pé láti ilé la ti mú un wá. Kì í ṣe láti ilé. Àṣìṣe mi ló bí i.

Ẹ ó rántí pé ní tẹ́ẹ̀mù tó kọjá, wọ́n fún ẹgbẹ́ èdè kọ̀ọ̀kan ní àárọ̀ kan lọ́sẹ̀ láti fi orin àdúrà ṣí àpéjọ òwúrọ̀. Ọjọ́bọ̀ ni tiwa, ìṣẹ́jú kan péré, kí orin orílẹ̀-èdè tó bẹ̀rẹ̀. Èmi ni wọ́n ní kí n gbé orin, torí ohùn mi máa ń dé ọ̀dọ̀ àwọn tó wà lẹ́yìn. Èmi náà gbé orin tí a máa ń kọ ní ṣọ́ọ̀ṣì ìyá mi. Orin náà dùn, ó sì ní àtẹ́wọ́. Nígbà tó dé ibi tó ti dárúkọ Jésù, ṣe ni ohùn tó wà lẹ́yìn mi já wálẹ̀ bí ìgbà tí wọ́n bá mú iná. Mo wẹ̀yìn. Ìlà àwọn tó wọ híjáàbù ti dákẹ́, ọ̀pọ̀ àwọn ọmọkùnrin náà ti dákẹ́. Ọ̀rẹ́ mi tó ń sùn ní òkè bọ́ńkì wa wà níwájú nínú wọn. Ó ti bá mi kọ ìlà méjì àkọ́kọ́, mo gbọ́ ohùn rẹ̀ dáadáa. Nísinsìnyí, ẹnu rẹ̀ ti pa dé, ó ń wo ilẹ̀.

Lálẹ́ ọjọ́ yẹn, lẹ́yìn tí wọ́n paná, mo bi í pé ṣé inú ń bí i ni. Ó ní rárá. Ó ní, "Mi ò kàn ní bá yín dúró níwájú mọ́ ní Ọjọ́bọ̀ ni. Màá wà lẹ́yìn." Ó dákẹ́ díẹ̀, ó wá ní, "Tó bá jẹ́ èmi ni mo gbé orin tó dárúkọ Ànábì, ṣé wàá kọ ọ́?" Mi ò dá a lóhùn. Mo ṣe bí ẹni tó ti sùn lọ.

Ohun tó dùn mí jù ni pé ó yẹ kí n mọ̀. Mùsùlùmí ni bàbá mi, ìyá mi ń lọ sí ṣọ́ọ̀ṣì, Ọ̀fà ni a ti wá kí a tó wá ń gbé ní Minna níbí. Nílé wa, bí bàbá mi bá ṣàdúrà tán, a ó ṣe àmín. Bí ìyá mi bá ṣe tiwọn tán, a ó ṣe àmín. Àmín bàbá mi gùn díẹ̀ ju ti ìyá mi lọ, ìyẹn nìkan ni ìyàtọ̀ tí mo ti rí. Ṣùgbọ́n ilé yàtọ̀ sí pápá ilé ẹ̀kọ́. Nílé, kò sí ẹni tó ń ṣọ́ ẹnu mi. Ní pápá, bí o bá dákẹ́, gbogbo ìlà ló rí ọ, bí o bá sì kọrin, gbogbo ìlà ló gbọ́ ọ.

Mo lọ bá tíṣà Yorùbá wa ní ọ́fíìsì wọn. Mo rò pé wọ́n máa bá mi wí. Wọ́n kàn ní, "Ó dáa, kọ òmíràn." Wọ́n ní kí n wo ẹsẹ kẹta orin orílẹ̀-èdè tí ìjọba dá padà ní 2024. Àdúrà ni ẹsẹ yẹn látòkè délẹ̀, Ẹlẹ́dàá gbogbo ẹ̀dá ni ó ń ké pè, kò sì dárúkọ ẹ̀sìn kankan, ìdí nìyẹn tí ẹnikẹ́ni kì í fi pa ẹnu dé níbẹ̀. Wọ́n ní kí tiwa rí bẹ́ẹ̀, ṣùgbọ́n kó kúrú, kó sì jẹ́ Yorùbá tí ọmọ Tápà àti ọmọ Gbàgyí lè gbọ́ lẹ́ẹ̀kan kí wọ́n sì dá a padà. Ìyẹn túmọ̀ sí lílé àti ègbè: ẹnì kan á lé e, gbogbo èèyàn á gbè é, ègbè náà kò sì gbọdọ̀ ju ọ̀rọ̀ mẹ́ta lọ.

Àwa mẹ́ta la jókòó sídìí iṣẹ́ náà. Mo bẹ ọ̀rẹ́ mi títí ó fi gbà. Ẹnì kẹta ni ọmọkùnrin ọdún kẹta kan tó ń lu ìlù fún wa, tí bàbá bàbá rẹ̀ jẹ́ babaláwo. Abẹ́ igi máńgòrò tó wà lẹ́yìn ilé ìdáná la jókòó sí, tí èéfín ń wọ̀ wá lójú.

"Bàbá wa" ni mo kọ́kọ́ kọ sílẹ̀. Ọ̀rẹ́ mi fi báírò fa igi gbọọrọ lé e. Ó ní nínú ẹ̀sìn tòun, Ọlọ́hun kò bí ọmọ, a kì í sì í pè É ní bàbá ẹnikẹ́ni. Mo yí i padà sí "Ọlọ́run wa." Ó ní òun máa ń sọ pé Ọlọ́hun. Bàbá mi náà ń sọ bẹ́ẹ̀, mi ò kàn tíì ronú sí i rí ni. A wá dán an wò: èmi kọ Ọlọ́run, òun kọ Ọlọ́hun lẹ́ẹ̀kan náà, onílù tiwa sì kẹ̀yìn sí wa. Ó ní òun ò mọ ẹni tó sọ èwo. Re, mí, re ni ohùn méjèèjì, lẹ́tà kan ṣoṣo ló yà wọ́n. Tó bá jẹ́ ẹnu nìkan ni, ọ̀rọ̀ ti parí. Ṣùgbọ́n a gbọ́dọ̀ kọ orin náà sára pátákó, èwo la máa wá kọ? Onílù ní bàbá àgbà òun máa ń pè É ní Olódùmarè. Ìyẹn dùn létí, àmọ́ ó gba ààyè púpọ̀ nínú ìlà kékeré. Níkẹyìn, a mú Ọba. Ṣọ́ọ̀ṣì ń lò ó, mọ́ṣáláṣí ń lò ó, bàbá àgbà náà ń lò ó, kò sì gùn.

Mo tún ti kọ ìlà kan nípa ìdáríjì ẹ̀ṣẹ̀. Tíṣà wa ló yọ ọ́. Wọ́n ní ẹ̀sìn kọ̀ọ̀kan ló mọ ọ̀nà tó ń gbà tọrọ ìyẹn, kí a mú ohun tí gbogbo wa ń tọrọ lọ́nà kan náà tí ilẹ̀ bá mọ́. Ó wá ku mẹ́ta: ọpẹ́ pé a jí, ọgbọ́n fún kíláàsì, ààbò títí ilẹ̀ á fi ṣú.

Ọ̀rọ̀ ti wà. Mo rò pé iṣẹ́ ti tán, àfi ìgbà tí a dé orí ohùn.

Mo mú ohùn orin Gẹ̀ẹ́sì kan tí wọ́n fi kọ́ wa ní alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀, mo to ọ̀rọ̀ wa sí i, nítorí mo rò pé ohùn tí gbogbo èèyàn ti mọ̀ ni yóò rọrùn jù. Nígbà tí a kọ ọ́ ní ìpàdé ẹgbẹ́, ìlà kejì ni "Fún wa ní ọgbọ́n." Àwọn tó gbọ́ Yorùbá dáadáa bẹ̀rẹ̀ sí í rẹ́rìn-ín. Ẹnì kan bi mí pé, "Ọgbọ̀n nínú mélòó?" Òmíràn ní ogójì ni kí a tọrọ ní tòun. Ẹ mọ̀ pé orí ọgbọ̀n ni wọ́n ń gba ìdánwò àárín tẹ́ẹ̀mù wa. Mi ò kọ́kọ́ mọ ohun tó ń pa wọ́n lẹ́rìn-ín, torí mo mọ ohun tí mo ní lọ́kàn, ohun tí mo ní lọ́kàn náà sì ni mo ń gbọ́.

Tíṣà kọ ọ̀rọ̀ méjèèjì sójú pátákó. Ọgbọ́n: re, mí. Ọgbọ̀n: re, dò. Wọ́n ní kí n fi imú kọ ìlà yẹn láìsọ ọ̀rọ̀. Mo ṣe é. Ní ìparí, ohùn mi sọ̀ kalẹ̀, bí orin Gẹ̀ẹ́sì púpọ̀ ṣe máa ń sọ̀ kalẹ̀ ní ìparí ìlà. Síbẹ̀, ìparí ìlà yẹn gan-an ni ọ̀rọ̀ wa ti ń gòkè. Orin ti fa ọgbọ́n wálẹ̀, ó di ọgbọ̀n.

Ẹ̀rín tán nígbà tí ọmọ Gbàgyí kan tó wà nínú ẹgbẹ́ wa bi tíṣà léèrè pé èwo wá ni òun máa fi sọ pé èèyàn gbọ́n. Bí a ṣe kọ ọ́ lórin ló ṣe há a sórí láti ọjọ́ méjì, ó sì ti ń sọ ọ́ bẹ́ẹ̀ fún àwọn ẹlòmíràn. Ẹni tó gbọ́ Yorùbá lè fi òye tún ọ̀rọ̀ tí orin bà jẹ́ ṣe lọ́kàn rẹ̀. Ẹni tí kò gbọ́ ọ kò ní nǹkan kan lọ́wọ́ ju orin yẹn lọ. Nínú pápá wa, irú àwọn bẹ́ẹ̀ pọ̀ gan-an. Kódà àwọn ọmọ Yorùbá kan wà láàárín wa tó jẹ́ pé Haúsá ni wọ́n fi ń lálàá.

Tíṣà ní kì í ṣe èmi ni mo kọ́kọ́ ṣe irú àṣìṣe yìí, kí n má sunkún. (Mi ò sunkún, èéfín ni.) Nígbà tí àwọn míṣọ́nnárì àti àwọn alábàáṣiṣẹ́ wọn ń túmọ̀ orin ìsìn sí Yorùbá láyé ọjọ́un, ohùn orin Òyìnbó ni wọ́n fi kọ púpọ̀ nínú wọn, ọ̀rọ̀ sì ń yí padà lẹ́nu àwọn èèyàn. Àwọn kan wá dìde láti ṣe é bó ṣe yẹ. Àlùfáà Josiah Ransome-Kuti ti Abẹ́òkúta, bàbá bàbá Fẹlá, jẹ́ ọ̀kan nínú wọn. Orin tirẹ̀ ń tẹ̀ lé ohùn ọ̀rọ̀, ó sì lọ kọ wọ́n sínú àwo rẹ́kọ́ọ̀dù ní Lọ́ńdọ̀nù ní 1922. Ekundayo Phillips tó ń tẹ dùùrù ní Kàtídírà ìlú Èkó náà tẹ ìwé kan jáde lórí orin Yorùbá ní 1953. Ọ̀rẹ́ mi gbọ́ gbogbo rẹ̀ tán, ó ní àwọn ìyá tó ń kọ wákà kò nílò ìwé kankan, ohùn wọn ń lọ síbi tí ọ̀rọ̀ bá lọ. Tíṣà rẹ́rìn-ín, wọ́n ní òótọ́ ni.

Bí a ṣe tún un ṣe nìyí, ẹnikẹ́ni sì lè ṣe é. A pa orin Gẹ̀ẹ́sì yẹn tì. A sọ ìlà kọ̀ọ̀kan lẹ́nu jẹ́jẹ́, bí ẹni ń bá ìyá rẹ̀ sọ̀rọ̀, lẹ́yìn náà a fi imú kọ ohun tí a sọ. Ibi tí ohùn bá gòkè, orin gòkè. Ibi tó bá sọ̀, orin sọ̀. Ìyẹn fún wa ní dò re mí lásán. Ṣùgbọ́n dò re mí lásán máa ń dà bí ẹni ń ka ìwé, ìdí nìyẹn tí tíṣà fi ní bí àmì òkè méjì tàbí mẹ́ta bá tẹ̀ léra wọn, a lè gbé èyí tó kẹ́yìn sókè sí i, kó bọ́ sí "s." Kò ní ba ọ̀rọ̀ jẹ́, torí òkè náà ló ń lọ.

Fún ìparí ìlà, "o" ló gbà wá. Etí èèyàn máa ń fẹ́ kí orin sọ̀ kalẹ̀ kó tó sinmi, ọgbọ́n kò sì gbọdọ̀ sọ̀. Nígbà tí a fi "o" kún un, ọgbọ́n dúró lókè níbi tó wà, "o" ló wá bá wa sọ̀ kalẹ̀. Kò ní ìtumọ̀ tí ohùn lè bà jẹ́. Látìgbà yẹn, mo ti ń kíyè sí "o" nínú orin àwọn àgbà, mo sì ti rí i pé kì í ṣe pé wọ́n kàn fi ń dí àlàfo.

Ìṣòro kan wà tí dò re mí kò lè yanjú. Ìlà àkọ́kọ́ wa ni "Ọba tó jí wa." Onílù wò ó, ó ní, "Ṣé Ó jí wa ni, àbí Ó jí wa gbé?" Mí ni jíjí láti ojú oorun, mí náà ni jíjí nǹkan, kò sí ohùn tó lè yà wọ́n. Níbòmíràn, a ò bá rẹ́rìn-ín sí i. Lágbègbè wa níbí, tí àwọn òbí kan ti kó ọmọ wọn kúrò ní bọ́dìn nítorí ìjínigbé, ẹnikẹ́ni nínú wa kò rẹ́rìn-ín. A yí i padà sí "Ọba tó jẹ́ ká jí." Kò sí ẹni tó lè ṣi ìyẹn gbọ́.

Orin náà nìyí. Èmi ni mo fi lẹ́tà ohùn sí i, kí ẹni tó ń kọ́ ọ má bàa ṣì í:

Lílé: Ọba tó jẹ́ ká jí o (r r m m m s r)
Ègbè: A dúpẹ́ o (r m m r)
Lílé: Fún wa lọ́gbọ́n o (m r m s r)
Ègbè: Dákun gbọ́ o (m r m r)
Lílé: Ṣọ́ wa títí dalẹ́ o (m r m m r m r)
Ègbè: Dákun gbọ́ o (m r m d)

Ẹ wò ó pé "o" tó kẹ́yìn pátápátá bọ́ sí "d." Ibẹ̀ nìkan ni a ti jẹ́ kó lọ sísàlẹ̀ tó bẹ́ẹ̀, kí gbogbo pápá lè mọ̀ pé ó ti parí. Ẹni tó ń lé e kò gbọdọ̀ bẹ̀rẹ̀ lókè jù, torí ohùn àwọn ọmọkùnrin ọdún kẹta ti ń fọ́, "s" á sì di igbe ní aago méje òwúrọ̀. A kì í pàtẹ́wọ́ sí i, a kì í lu ìlù sí i, nítorí ọ̀rẹ́ mi ní àwọn kan nínú ìlà tòun kò ní fara mọ́ ìlù nínú àdúrà. Onílù wa bínú fún ọjọ́ méjì.

Òun náà ló bi wá ní ìbéèrè tó le jù: kí la máa fi parí rẹ̀? Àmín ni èmi àti ọ̀rẹ́ mi fọkàn sí, a ò tiẹ̀ jiyàn. Ó ní, "Nílé bàbá àgbà mi, àṣẹ ni." Mo ní ṣé kí a kọ méjèèjì ni. Àwọn kan nínú ẹgbẹ́ ní àwọn ò lè ṣe àṣẹ, pé pásítọ̀ àwọn kò fẹ́. Ó dákẹ́. Mo rí bó ṣe dákẹ́, mo rántí ojú ọ̀rẹ́ mi ní Ọjọ́bọ̀ ìjọsí. Ọ̀rẹ́ mi ló wá ní kí a má parí rẹ̀ rárá. Kí a kọ ọ́ dé "gbọ́ o," kí gbogbo wa dákẹ́ níwọ̀n bí a ṣe lè ka ení dé ẹẹ́wàá lọ́kàn, kí oníkálukú fi ohun tirẹ̀ parí rẹ̀ nínú ara rẹ̀.

Ní Ọjọ́bọ̀ àkọ́kọ́ tí a dán an wò, orin náà lọ dáadáa. Ọmọ Tápà gbè é, ọmọ Tífì gbè é, mo wẹ̀yìn, ẹnu ọ̀rẹ́ mi ń mì. Ṣùgbọ́n nígbà tí a dákẹ́, a ò tíì ka ẹẹ́rin tí sínìọ̀ kan fi rò pé a ti gbàgbé ìyókù, ó sì pariwo àmín ńlá ní orúkọ tí ẹ ti mọ̀. Àwọn ẹlòmíràn fi ti wọn dáhùn láti ìlà kejì. Ó di ariwo. Ojú tì mí débi pé mi ò jẹ ẹ̀kọ àti àkàrà àárọ̀ yẹn.

Ìdákẹ́jẹ́ tí kò ní ààlà ló fà á. Bí ẹnikẹ́ni kò bá mọ ìgbà tó máa tán, ẹnì kan á fi ẹnu rẹ̀ dí i. Láti ọ̀sẹ̀ kejì, ẹni tó ń lu aago ilé ẹ̀kọ́ ló ń fi ìró kan ṣí i, tó sì ń fi ìró kan pa á dé. Wọ́n kọ́kọ́ ṣàlàyé rẹ̀ fún gbogbo pápá ní ọjọ́ Ọjọ́rú. Kò tún sí ẹni tó pariwo mọ́, yàtọ̀ sí ẹni tó sín.

Ẹnì kan ṣì wà tí kì í kọ ọ́. Àwọn òbí rẹ̀ ní kò gbọdọ̀ bá ẹlẹ́sìn mìíràn gbàdúrà pọ̀, bó ti wù kí ọ̀rọ̀ inú rẹ̀ rí. Mo fẹ́ bá a jiyàn, kí n fi hàn án pé kò sí ohun tó burú nínú orin wa. Tíṣà ní kí n fi í sílẹ̀. Wọ́n ní abala 38 nínú òfin orílẹ̀-èdè ti ọdún 1999 sọ pé a kò gbọdọ̀ mú akẹ́kọ̀ọ́ kankan ní dandan láti dara pọ̀ mọ́ ìjọsìn tí kì í ṣe tirẹ̀, tàbí èyí tí òbí rẹ̀ kò fọwọ́ sí. Ó máa ń dúró pẹ̀lú wa, ọwọ́ rẹ̀ á wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀, nígbà tí a bá sì dákẹ́, òun náà á dákẹ́. Tí èèyàn bá wo ìlà náà nígbà yẹn, kò ní mọ èwo ni òun nínú wa.

Ọ̀rẹ́ mi ló ń lé orin náà ní tẹ́ẹ̀mù yìí, èmi wà nínú àwọn tó ń gbè é. Ìdánwò ti ń bọ̀, àwọn kan sì ti ń ní kí a fi ìlà kan kún un fún ọ̀sẹ̀ náà. Ẹni tó bá ní ìlà, kó mú un wá sí ìpàdé ọjọ́ Ẹtì. Kó kọ́kọ́ fi imú kọ ọ́ fún ẹni tí kò gbọ́ Yorùbá, kó wo ohun tí ẹni náà máa dá padà.